Ẹni Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Wọkọ̀

Bí a ṣe ń gba físà kọ́ ni mo wá sọ. Káńtà tí wọ́n ti ń gbé ẹrù lé ìwọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, níbi tí ọmọ tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ á ti gba ìwé ìrìnnà yín, á ṣí i, á tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, á tún un tẹ̀, á wá gbójú sókè, á ní, "Ẹ má bínú sà, a ò lè gbé yín."

Mo pẹ́ nídìí irú káńtà bẹ́ẹ̀ n'Íkẹjà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí èrò máa ń sọ lẹ́yìn gbólóhùn yẹn. Wọ́n á ní, "Ṣé owó rẹ ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?" Wọ́n á ní, "Ta ló rán ọ sí mi?" Àwọn tó bá gbọ́n jù nínú wọn á béèrè pé, "Ṣé ìwọ lo ni ìlú tí mò ń lọ? Gbé mi débẹ̀ ná, kí àwọn onílùú fúnra wọn lé mi." Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ ohun tó yẹ ká ṣe kí a tó kúrò nílé.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá gbé yín dé ìlú onílùú, òun ni onídùúró yín. Ẹ sì mọ ohun tí ojú onídùúró máa ń rí bí ẹni tó dúró fún kò bá mú ọ̀rọ̀ ṣẹ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Ṣìkágò lọ́dún 1944 lórí ìrìnnà òfurufú ní àfikún kan, Àfikún Kẹsàn-án, tó ń sọ nípa bí èrò àti ẹrù ṣe ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde. Àfikún yìí ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹ ìwé èrò wò níbi tí ó ti ń wọkọ̀. Bí ìlú tí èrò náà ń lọ kò bá gbà á wọlé, ilé iṣẹ́ tó gbé e wá ni yóò gbé e jáde. Bó bá jẹ́ pé ìwé rẹ̀ ni kò pé, owó oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ títí di ìgbà tí yóò padà, ọrùn ilé iṣẹ́ náà ló wà.

Owó ìtanràn tún wà lórí ìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1999 lórí ìwọ̀lú sọ pé ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa san lórí èrò kọ̀ọ̀kan tí kò ní ìwé tó yẹ. Àwọn orílẹ̀-èdè àjọ Yúróòpù náà ṣe tiwọn lọ́dún 2001: àṣẹ tí wọ́n pa ni pé kí ìtanràn tó kéré jù má dín sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yúrò lórí ẹnì kan, àwọn mìíràn sì ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ fi owó yẹn wé èrè tí wọ́n ń rí lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Ọmọ tó wà ní káńtà mọ̀ pé bí òun bá ṣàánú yín, tí àánú náà kò sì rí bí òun ṣe rò, wọ́n máa pe òun wá ṣàlàyé.

Kì í ṣe pé ó ń dá yín lẹ́jọ́ o. Kò mọ̀ bóyá ẹ lówó tàbí ẹ ò lówó, kò sì kàn án bóyá ìgbéyàwó lẹ ń lọ ṣe tàbí ẹ fẹ́ jókòó sọ́hùn-ún. Ohun tó ń wá ni bí òun á ṣe fi hàn lọ́la pé ìwé pé nígbà tí òun gbé yín. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí mo dárúkọ yẹn fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: bí ilé iṣẹ́ bá lè fi hàn pé èrò mú ìwé tó yẹ jáde nígbà tó ń wọkọ̀, ìtanràn kò sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹ̀rọ ya ojú ìwé físà yín, tí àwọn mìíràn á tún ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò máa ń bínú sí fọ́tò yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ọmọ káńtà ni.

Ibo ló ti ń mọ ohun tó yẹ kí ẹ mú lọ́wọ́? Kì í há a sórí. Inú àkójọ kan tó ń jẹ́ Timatic ló ti ń wò ó, èyí tí àjọ IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ń tọ́jú. Àwọn ìjọba ló ń fi òfin ìwọ̀lú wọn ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe bí òfin bá yí. Ó máa tẹ ìlú tó fún yín ní ìwé ìrìnnà, ọjọ́ tí ìwé náà máa parí, ìlú tí ẹ ń lọ, gbogbo ìlú tí ẹ máa yà sí lọ́nà, iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, àti bóyá ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé yín kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá dáhùn pé ìwé pé, tàbí kò pé, tàbí ó kù síbì kan. Bó bá ní kò pé, ẹkún kò lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ mọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò lè yí i padà. Àmọ́ ẹ̀yin náà lè béèrè ìbéèrè kan náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé tí àjọ náà ṣí fún gbogbo ènìyàn, iatatravelcentre.com, ń dáhùn láti inú àkójọ kan náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì gbé irú rẹ̀ sórí ìkànnì tiwọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tú u wò. Ká ní télọ̀ kan wà l'Ábẹ́òkúta, ká pè é ní Àkànní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Bàbédọ̀ọ̀sì, erékùṣù kékeré inú òkun Kàríbíà, ó bímọ, ó ní kí Àkànní wá bá òun ṣe ìkómọ. Àkànní béèrè, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un: ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Bàbédọ̀ọ̀sì fún ìbẹ̀wò. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú lórí fóònù. Ó ra ọ̀kan láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, ó ra òmíràn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Bíríìjítáòn ní Bàbédọ̀ọ̀sì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Àlọ nìkan ló rà. Ó ní òun á ra àbọ̀ tí òun bá débẹ̀, nígbà tí òun bá mọ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun máa yọ̀ǹda òun.

Àkànní kò ní wọkọ̀ ní Ìkẹjà. Ìdí tí wọ́n máa dá a dúró sì ju ẹyọ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n máa sọ fún un.

Èyí àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbédọ̀ọ̀sì kò béèrè físà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà béèrè. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè gba pápákọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, kódà bí wọn kò bá ní jáde síta rárá. Oríṣi méjì ni físà ìkọjá yìí. Ọ̀kan wà fún ẹni tó máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, tó máa dúró sínú gbọ̀ngàn àwọn tó ń kọjá, tó sì máa wọ ọkọ̀ kejì láìkọjá níwájú òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú. Èkejì wà fún ẹni tó máa kọjá níwájú òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí mélòó kan ló máa lò; ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò nílùú láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, ti Kánádà, ti Ọsirélíà tàbí ti Niu Sílándì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò nílò oríṣi àkọ́kọ́. Àkànní kò ní ìkankan.

Ká ní ó tilẹ̀ mọ̀, tó sì lọ gba oríṣi àkọ́kọ́ nítorí pé òun kò ní jáde síta. Wọ́n ṣì máa dá a padà, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tó máa ń ká èrò mọ́ jù nìyí. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan láti Èkó dé Bíríìjítáòn, ẹrù yín máa ń gba ẹ̀yìn lọ sínú ọkọ̀ kejì, wọ́n á sì fún yín ní páàsì ìwọkọ̀ méjèèjì n'Íkẹjà. Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí ní Lọ́ńdọ̀nù. Báàgì á jáde síbi tí oníkálukú ti ń gbé ẹrù rẹ̀, ibi náà sì wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú. Ẹni tó fẹ́ gbé báàgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà kejì ló sì nílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá bà sí Hítúróò tí èkejì sì ń gbéra ní Gátíwíìkì, nítorí pápákọ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn, títì ni ẹ máa gbà dé ibẹ̀. Ẹ wo orúkọ pápákọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má wo orúkọ ìlú nìkan.

Àwọn tó bá ní "Mo máa gba Yúróòpù kọjá dípò Lọ́ńdọ̀nù" náà kò bọ́. Nàìjíríà wà lórí àkójọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ńgẹ̀n jọ ń lò, ti àwọn tó gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó kọjá nínú pápákọ̀ wọn. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, ti Kánádà tàbí ti Japan bọ́ nínú ẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì tó bà sí Párísì, tó tún bà sí Fíránkífọ́ọ̀tì kó tó sọdá òkun. Àwọn orílẹ̀-èdè yẹn ti yọ ẹnubodè kúrò láàárín ara wọn, nítorí náà láti Párísì dé Fíránkífọ́ọ̀tì, ẹ ti wọ ìlú nìyẹn. Físà ìkọjá kò tó mọ́, físà ìwọ̀lú gan-an ni.

Ìdí tó kẹ́yìn ni àbọ̀ tí Àkànní kò rà. Bàbédọ̀ọ̀sì máa ń fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé àlejò kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú tí kì í béèrè físà. Ó yẹ ká mọ ìdí rẹ̀. Níbi tí físà bá wà, ọ́fíìsì físà ti wo báńkì yín, wọ́n ti wo iṣẹ́ yín, wọ́n ti pinnu pé ẹ máa padà. Níbi tí físà kò sí, kò sẹ́ni tó wo nǹkan kan. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ nìkan ni ẹ̀rí tó wà pé àlejò ní ọjọ́ tí yóò lọ, àti pé owó tí yóò fi lọ ti wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pàápàá fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀: bí wọ́n bá lé Àkànní ní Bíríìjítáòn, tí kò sì ní àbọ̀ lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni ilé iṣẹ́ náà máa gbé e padà, kó tó máa wá bí yóò ṣe gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni kúrò kò pọn dandan kó jẹ́ ti ilé. Ó lè lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n máa gbà yín sí. Mo rí ọ̀pọ̀ èrò tó mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Màyámì wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, láìní físà Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà kì í gbà á, nítorí ọkọ̀ tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọ̀ kò lè gbé yín kúrò níbì kankan. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín iye ọjọ́ tí ìlú náà ń fún àlejò. Bí ẹ bá sì máa gba Lọ́ńdọ̀nù padà, físà ìkọjá yín gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àbọ̀.

Níbí yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń ta "ìwé àbọ̀" olówó pọ́ọ́kú. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á fi ìwé kan ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù, orúkọ yín á wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ á wà níbẹ̀, àmì ilé iṣẹ́ á máa dán. Ìjókòó tí wọ́n bá yín dì mú láìsanwó ni, tó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí àkókò ìsanwó bá ti kọjá, ó ti pa rẹ́. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí. Ìwé ìdìmú-ìjókòó máa ń ní àmì kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ní ìyẹn, ó sì tún ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó jẹ́ mẹ́tàlá, mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì ni ti ilé iṣẹ́ tó ta á. Ti Itiópíà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 071, ti British Airways pẹ̀lú 125. Bí nọ́ńbà mẹ́tàlá yìí kò bá sí, tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ẹ mú lọ́wọ́. Bó bá wà, ẹ ṣì lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ tẹ àmì mẹ́fà àti orúkọ ìdílé yín, kí ẹ rí i pé ọkọ̀ náà jáde. Ọmọ káńtà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú yín. Tó bá ṣe é tí kò rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ á wá kúrò ní "ìwé kò pé", á di "ìwé ayédèrú", ìyẹn sì lè mú ọlọ́pàá wá.

Ẹni tí kò mọ ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, bíi ti Àkànní, kí ló yẹ kó ṣe? Kó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí ọjọ́ rẹ̀ padà, tàbí èyí tí wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà. Ó máa ń wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kó ka òfin owó náà kó tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ ló wà tó jẹ́ pé owó orí nìkan ni wọ́n ń dá padà.

Kí n tó kúrò lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wá ṣọdún nílé. Àwọn náà ti wá ń há sí Ìkẹjà. Káàdì ìgbélùú tí wọ́n máa ń mú jáde tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Inú kọ̀ǹpútà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀tọ́ wọn wà báyìí, wọ́n sì so ó mọ́ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà kan. Bí ọmọ bá wá sílé, tó gba ìwé ìrìnnà tuntun n'Íkòyí, tí kò sì fi nọ́ńbà tuntun yẹn sínú àkáǹtì rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa fi nọ́ńbà tuntun béèrè, kọ̀ǹpútà lè ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kó lọ fi nọ́ńbà tuntun náà síbẹ̀ kó tó dé pápákọ̀, kó mú ìwé ìrìnnà àtijọ́ dání, kó sì gba kóòdù tí a fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn wo ẹ̀tọ́ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, kó sọ fún ọ̀gá káńtà pé kó pe ẹ̀ka ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń dá àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lóhùn tọ̀sántòru. Ẹ̀ka náà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ káńtà mọ̀ ọ́n, àmọ́ nígbà tí èrò bá ti tò gùn, wọn kì í rántí àfi tí ẹ bá rán wọn létí.

Mo sọ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, n kò sọ pé wọn kì í ṣìṣe o. Lọ́dún 2015, ọmọ Kàsàkísítánì kan tó ń gbé ní Sáípúrọ́ọ̀sì fẹ́ wọkọ̀ ní Làánákà lọ sí Bùkárẹ́ẹ̀sì. Ó ti béèrè físà Ròmáníà, wọ́n sì dá a lóhùn pé ìwé ìgbélùú Sáípúrọ́ọ̀sì tó ní ti tó. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀, Blue Air, kò gbé e. Wọ́n ní kò ní físà. Ó gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ìyẹn sì gbé e dé ilé ẹjọ́ àgbà àjọ Yúróòpù. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà sọ pé bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá kàn sọ pé ìwé kò pé, ìyẹn nìkan kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ èrò. Adájọ́ ló máa wò ó bóyá ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn, kì í ṣe tiwa, kò sì bo gbogbo ọkọ̀ tó ń gbéra n'Íkẹjà. Bí ìwé yín kò bá sì pé lóòótọ́, òfin yẹn gan-an kò ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún yín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má bínú kúrò ní káńtà. Ẹ béèrè gbólóhùn tí kọ̀ǹpútà kọ síta, kí ẹ kà á fúnra yín tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí. Ìgbà mìíràn, ìlú tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni kò tọ̀nà, tàbí wọ́n gbàgbé láti fi físà Kánádà tó wà nínú ìwé yín àtijọ́ kún un. Bó bá jẹ́ àbọ̀ nìkan ló kù, tí àyè sì wà kí wọ́n tó pa káńtà dé, ẹ lè rà á níbẹ̀ lórí fóònù. Mo ti rí i tí ó bọ́ sí i, mo sì ti rí i tí káńtà ti pa nígbà tí owó ṣì ń wọlé láti báńkì. Ẹni tó dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú ni irú rẹ̀ máa ń bọ́ sí fún.

Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ní kí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà pé ẹ wá, ìwé ni kò pé. Ẹni tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé kò yọjú, wọ́n máa ń pa gbogbo ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rẹ́, títí kan àbọ̀, wọ́n á sì tún gba owó ìyà lórí rẹ̀. Owó ìjókòó lè má padà, ó di ọwọ́ irú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà. Àmọ́ owó orí tí wọ́n gbà fún pápákọ̀ tí ẹ kò lò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń dá a padà fún ẹni tó bá kọ̀wé béèrè, nọ́ńbà mẹ́tàlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sì máa ní kí ẹ kọ sí iwájú ìwé náà.